Ẹ̀bẹ̀ Kan Péré fún Nọ́ọ̀sì

Èmi ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ bàtà wa. Bí oníbàárà bá fẹ́ bínú, èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bínú sí. Bí àwọn akẹ́rù bá sọ ẹrù ẹlẹ́rù nù, èmi ni mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù, n ó sì sọ̀rọ̀ sí wọn débi tí wọ́n á fi wá a rí. Wọn ò ṣàdédé máa pè mí ní Ata Rodo. Inú mi ń yára bí, n ò sẹ́ ẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ni, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀, àti ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn ní Ọjọ́bọ̀ kan báyìí.

Bàtà tí à ń ṣe kì í ṣe bàtà tí èèyàn ń rà lọ́jà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì, ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, àwọn ló ń wá wa. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ á wọn ẹsẹ̀ náà, wọ́n á gbẹ́ igi bíi rẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀tún àti òsì. Orí ẹsẹ̀ igi yẹn ni wọ́n á na awọ sí títí tí yóò fi di bàtà. Onígọ́ọ̀mù, tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ló ń ṣe ìtẹ̀lẹ̀ bàtà. Tí iṣẹ́ bá parí, a ó gbé ẹsẹ̀ igi náà kọ́ ìṣó lára ògiri, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, torí ẹni náà á tún padà wá. Ẹsẹ̀ tó wà lára ògiri yẹn ti lé ní irínwó. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí?"

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí ògiri náà: ẹsẹ̀ kì í dé orí ìṣó àfi tí bàtà rẹ̀ bá ti kúrò nílé. Ìwé lè sọnù, ẹnu lè gbàgbé, ìṣó ni gbogbo wa ń wò. Bí ẹsẹ̀ bá ti wà lókè, bàtà ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo bá ímeèlì nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀. Ìlú rẹ̀ jìn sí wa tó ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kọ̀wé sí mi ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá pé bàtà mi ti wà lọ́nà. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ mọ̀ pé eegun ìbàdí mi dá lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ òsì mi sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kúrú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n padà sí wọ́ọ̀dù. Orí ìdúró ni iṣẹ́ mi, mi ò sì lè fi bàtà lásán dúró fún wákàtí mẹ́jọ. Bí mi ò bá wọlé lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí ipò mi. Ibo ni bàtà mi wà?"

Kò sí èébú kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo gbé fóònù, mo pe àwọn akẹ́rù. Ọkùnrin tó gbé e kò tíì sọ pé "ẹ káàárọ̀" tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ ènìyàn ni? Mo ní bàtà aláìsàn lẹ jókòó lé lórí bí adìyẹ tó ń sàba! Ó fi sùúrù bi mí pé, "Àǹtí, kí ni nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì yín?"

Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo tú u. Rìsíìtì ọ̀sẹ̀ yẹn pé mẹ́sàn-án, kò sí ti nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Mo tún un tú. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé màá padà pè é, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ti gbọ́ ariwo mi láti ibi tí wọ́n ti ń gé awọ. Wọ́n bọ́ síta, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ka ímeèlì náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo ògiri. Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì wà lórí ìṣó, méjèèjì, wọ́n mọ́ tónítóní.

"Onígọ́ọ̀mù, ọjọ́ wo lo parí bàtà yìí?"

Onígọ́ọ̀mù yọjú. "Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ parí ẹ̀, Mà. Ẹ rántí pé eyín ń ro mí, mi ò wá fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo fi máa dé, ẹsẹ̀ ti wà lókè. Mo ní ẹ ti bá mi ṣe é."

"Èmi náà rí i lókè, mo ní ìwọ lo yára ṣe é kí o tó lọ."

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wọlé lọ, wọ́n fa apẹ̀rẹ̀ kan jáde lábẹ́ tábìlì. Awọ bàtà nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gé e, wọ́n ti rán an, bó ṣe wà látìgbà náà nìyẹn. Kò tíì kan igi rárá.

"Ta ló wá gbé ẹsẹ̀ kọ́?" Wọ́n béèrè é bí ẹni tó ń béèrè aago.

Mo rántí. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń gbálẹ̀. Mo bá ẹsẹ̀ igi méjì lójú fèrèsé, mo ní àwọn èèyàn yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe, mo nù ún, mo gbé e kọ́ ìṣó. Onígọ́ọ̀mù ló gbé e síbẹ̀ kó tó lọ tọ́jú eyín. Ó ti lẹ awọ pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì ti yọ síta, ó wá ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, èmi náà ni mo wo ògiri, mo rí ẹsẹ̀ lókè, mo jókòó, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Bàtà yín ti wà lọ́nà." Mo fi ọwọ́ ara mi tan ara mi, mo sì fi tan ọlọ́mọ ọlọ́mọ.

"Èmi ni, Mà," ni mo wí. Ojú gbà mí tì débi pé ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Ká ní èmi ni ọ̀gá, màá bú mi. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ kàn fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí. "Ó dáa. A ti mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ká kọ ìwé sí i kó tó di ọ̀sán, kí ó lè mọ ohun tó máa ṣe sí ayé ẹ̀."

Kíá ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ọwọ́ mi sì ń sáré. Mo kọ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ò mọ ojú tí a máa fi wò yín, a ò sùn, a ò jẹun, ẹ má gégùn-ún fún wa, irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé. Mo kà á fún Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀. Ojú èmi fúnra mi ti ń pọ́n.

Wọ́n ní, "Ata Rodo, ìgbà wo lo ò jẹun? Ṣebí búrẹ́dì lo gbé jẹ tán yẹn."

Onígọ́ọ̀mù bú sẹ́rìn-ín. Mo yí ojú sí i, mo fẹ́ wí nǹkan, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Gbọ́ mi. Bí ọmọdé bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, kí lo máa ń sọ fún un?"

"Màá ní kó dìde."

"Tó bá kọ̀ ńkọ́? Tó yí gbiri, tó ń sunkún, tó di ẹsẹ̀ ẹ mú?"

"Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá fà á dìde. Màá máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

"Ẹ̀hẹ́n. Obìnrin yìí ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ti dá. Àwa la ṣẹ̀ ẹ́. Ṣé ó tún wá kù kó máa fà wá dìde? Ìwé tí o kọ yìí, tiwa ló ń rò, kò ro tiẹ̀. Ó ka gbogbo ẹ̀ tán, kò tíì mọ ọjọ́ tí bàtà ẹ̀ máa dé."

Háà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọdún kẹfà tí mo ti ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ nílé-iṣẹ́ yẹn, mo máa ń rò pé bí ẹ̀bẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dáa tó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ẹ̀bẹ̀ lè di ẹrù lọ́rùn ẹni tí à ń bẹ̀.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo tún kọ òmíràn, àmọ́ mo ti fi ọgbọ́n sí i báyìí, bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣe ń kọ ọ́: "Nítorí àwọn nǹkan tó kọjá agbára wa, ìdádúró díẹ̀ dé bá ẹrù yín."

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ní, "Kí ló kọjá agbára wa níbẹ̀? Ìṣó?"

Mo pa ìdajì gbólóhùn náà rẹ́.

"Díẹ̀ kọ́ ni ọ̀sẹ̀ kan lójú ẹni tó ń dúró de bàtà. Ìdádúró ò sì ṣàdédé dé bá ẹrù kankan. Àwa la dá a dúró."

Mo ní, "Ó dáa, Mà, ẹ jẹ́ n kọ pé èmi akọ̀wé ni mo ṣe é. Kó mọ ẹni tó máa bú."

Wọ́n mi orí. "Ṣé ọwọ́ ẹ ló ti ra bàtà? Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ló ti rà á. Èmi àti Onígọ́ọ̀mù náà wo ògiri, kò sí ẹnìkan nínú wa tó la ẹnu bi ẹnìkejì ẹ̀. 'A' ni kí o kọ. Bí o bá ti dárúkọ ẹnìkan, á dà bíi pé àwọn yòókù ń wá ibi sá pamọ́ sí."

Ẹ ò rí nǹkan! Mo ti bá ọ̀gá mẹ́ta ṣiṣẹ́ rí. Gbogbo wọn, bí nǹkan bá ti bàjẹ́, orúkọ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Mo wo Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀, orí mi wú, mo sì yí ojú padà sí kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà rí omi ojú mi.

Ó wá ku ọjọ́. Mo ní ká kọ ọ́ pé bàtà máa dé ní Ọjọ́ Àìkú. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, àmọ́ iṣẹ́ obìnrin yẹn ló ń já sílẹ̀ lójú mi báyìí. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Onígọ́ọ̀mù ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ yíjú sí.

Onígọ́ọ̀mù fi ìka kà á. "A lè na awọ mọ́ igi lónìí. Kò gbọdọ̀ kúrò lórí igi kó tó di Ọjọ́ Ajé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, á súnkì, á máa pa á lára. Ọjọ́ Ajé ni màá lẹ rọ́bà tó máa gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn ga: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ní gìgísẹ̀, màá máa dín in kù lọ síwájú kó lè rìn láìkọsẹ̀. Gọ́ọ̀mù á sùn mọ́jú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màá fá a, màá dán an. Bí mo bá kánjú, ìtẹ̀lẹ̀ yẹn lè ṣí lójú ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti dá lẹ́ẹ̀kan ni, ẹ ò fẹ́ kó tún ṣubú."

"Ọjọ́rú nìyẹn," ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wí. "Kò gbọdọ̀ lọ pẹ̀lú akẹ́rù. Ìwọ lo máa gbé e lọ, Onígọ́ọ̀mù, kí o wọ̀ ọ́ fún un kí o sì rí i bó ṣe ń rìn."

"Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kó wọlé!" Mo ti pariwo kí n tó mọ̀.

"Mo mọ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tá a fi gbọ́dọ̀ sọ Ọjọ́rú fún un lónìí. Tí o bá pa Ọjọ́ Àìkú fún un, á jókòó, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Tó bá mọ òótọ́ lónìí, ó ṣì ku òní àti Ẹtì kó fi wá nǹkan ṣe sí i."

Báyìí la ṣe kọ ọ́, mo sì ti tún un kà tó ìgbà ogún láti ọjọ́ náà. Àkòrí rẹ̀ ni "Bàtà yín kò tíì kúrò lọ́dọ̀ wa. Àṣìṣe wa ni."

"Ẹ káàárọ̀, Mà.

"Bàtà yín kò sí lọ́nà. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa, kò sì tíì parí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a gbé ẹsẹ̀ igi yín síbi tí à ń gbé ti bàtà tó ti lọ sí, a sì kọ̀wé sí yín láìyẹ bàtà fúnra rẹ̀ wò. Àwa la ṣe é, kì í ṣe akẹ́rù, kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ máa bínú.

"Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kó tó di agogo kan ọ̀sán, ẹni tó ṣe ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ máa gbé e wá fún yín fúnra rẹ̀, á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹ̀ yín. Kò lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí a bá kánjú, ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ lè ṣí. A mọ̀ pé Ọjọ́ Ajé lẹ nílò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ímeèlì yìí han ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ yín, ẹ fi hàn án. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pè wá, nọ́ńbà wa wà nísàlẹ̀.

"Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró, a ó dá owó yín padà lónìí, a ó sì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín ránṣẹ́ síbi tó bá wù yín."

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara wọn. "Ẹ máa bínú" kan péré ló wà níbẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi ọ̀kan sí i, wọ́n ní, "Ó ti gbọ́." Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Nígbà náà ni mo wá rántí akẹ́rù tí mo fi wé adìyẹ. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ló fi ń wọ́lẹ̀ lọ bá a. Mo pè é. Mo ní, "Ẹrù náà ò dé ọ̀dọ̀ yín rárá, àwa la jẹ̀bi. Ẹ máa bínú," mo sì dákẹ́. Ẹ ò mọ̀ bó ṣe nira tó láti dákẹ́ níbẹ̀! Ọkùnrin náà ní, "Kò burú, Àǹtí. Ṣé ẹ ti rí i?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì ò fèsì lọ́sàn-án. Nígbà tó di agogo márùn-ún, kò fèsì. Wọ́n ti na awọ mọ́ igi, òòlù ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀ ní yàrá kejì, èmi sì ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni pé màá fi ojú fà á jáde. Mo ń sọ nínú ara mi pé ká ní a bẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀, èsì dé.

"Màá dúró. Mo kọ́kọ́ bínú, inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ mo fi ìwé yín ránṣẹ́ sí mátírọ́ọ̀nù bó ṣe wà, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun rí ẹni tó jẹ̀bi, òun rí ìdí, òun rí ọjọ́, òun á sì di àyè mi mú títí di Ọjọ́bọ̀. Ó ní ká ní èmi ni mo sọ ọ́ lẹ́nu, òun ì bá rò pé mò ń wá àwáwí. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ. Látìgbà tí mo ti ṣubú, gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀ mí ló máa ń sunkún sí mi lọ́rùn, èmi ni mo sì máa ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí n rẹ̀ yín lẹ́kún. Ẹ má jẹ́ kí Ọjọ́rú yẹ̀."

Mo kà á sókè. Òòlù dákẹ́. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní eruku awọ ni. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe eruku, mi ò sì sọ ọ́. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí," ni wọ́n sọ, "kò gbọdọ̀ yẹ̀." Òòlù sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kò yẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Onígọ́ọ̀mù wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ pẹ̀lú páálí bàtà lórí itan rẹ̀. Agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ló pè wá pé òun ti wọ̀ ọ́ fún un, ó ti rìn lọ, ó ti rìn bọ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Mo fò sókè, mo gbé ẹsẹ̀ igi méjèèjì lórí tábìlì, mo ń lọ sídìí ògiri.

"Níbo?" ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ bi mí.

"Ṣebí bàtà ti dé ọwọ́ ẹ̀, Mà. Ó ti kúrò nílé."

"Ó ti dé ọwọ́ ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ ló fẹ́ kó dé. Gbé e sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀. Ó sùn sórí tábìlì mi mọ́jú. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣiṣẹ́ yíká rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ímeèlì kan wọlé. Gbólóhùn méjì péré ni:

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òní. Wákàtí mẹ́jọ, orí ìdúró."

Mo yí kọ̀ǹpútà sí Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nà án sí ògiri.

"Ó yá, Ata Rodo," ni wọ́n wí. "Gbé e kọ́."